Ibi Tí Dátà Fíìmù Ń Gbà Lọ

Fíìmù Yorùbá ti kúrò ní ti sídíì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ló ń gbé iṣẹ́ wọn sórí YouTube báyìí, tí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè wò ó láìsan kọ́bọ̀ fún ẹni tó ṣe fíìmù. Dátà ni òǹwòran ń san, dátà ọ̀hún sì ti gbówó lérí. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń tà á fi owó kún un, kó ṣáà má ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìgbà náà, ìráhùn kan náà lẹ ó máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, nínú mọ́tò àti níbi ìnáwó: "Àná ni mo ra dátà yìí, ó ti tán!"

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó ta dátà ló jí i padà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ nǹkan mìíràn wò. Ká ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jókòó sínú ilé kan náà n'Íbàdàn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan náà ni wọ́n ń lò, kálukú sì ń wo fíìmù kan náà lórí fóònù tirẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40 ni fíìmù náà. Nígbà tó fi máa parí, ẹ̀gbọ́n ti lo nǹkan bíi 420 MB. Àbúrò ti lo nǹkan bíi 1,400 MB, ìyẹn 1.4 GB, torí 1,000 MB la lè fojú dá sí 1 GB. Ohun tí àbúrò ná ju ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀gbọ́n lọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ja ẹnikẹ́ni lólè. Ibì kan wà nínú áàpù YouTube tí ẹ̀gbọ́n ti fọwọ́ kàn, tí àbúrò kò mọ̀ pé ó wà.

Ta ló ń yan bí fídíò ṣe máa wúwo tó?

YouTube kì í fi odindi fíìmù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́, ègé kọ̀ọ̀kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ, fóònù á sì máa bèèrè fún wọn tẹ̀lé ara wọn bí ẹ ṣe ń wò ó lọ. Ègé kan náà yìí wà ní oríṣiríṣi ìwọ̀n: 144p, 240p, 360p, 480p, 720p, 1080p, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yẹn ni iye ìlà tó para pọ̀ di àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ìlà bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ń mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ègé náà ń wúwo tó.

Bí ẹ kò bá yan ìwọ̀n kankan, áàpù ló ń bá yín yàn án. Auto ni orúkọ tí yíyàn yìí ń jẹ́ lójú fóònù. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà láìsọ iye tó gbọ́dọ̀ ná fún un: ohun tó bá dára jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ni yóò rà. Á máa wo bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe ń sáré sí. Bí ègé bá ń tètè dé, á bèèrè fún èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ń falẹ̀, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí fíìmù má baà dúró lójijì. Kò bìkítà nípa iye dátà tó kù sórí káàdì yín.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dáa jù lọ ni dátà ti ń yára tán jù lọ. Ẹni tó kúrò lórí 3G bọ́ sórí 4G tàbí 5G, tí kò sì fi kún fídíò tó ń wò, yóò rí i pé dátà tó ń tó òun lò tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́. Kì í ṣe pé 5G ń ka MB kan sí méjì. Fídíò tó wúwo jù ti tẹ́lẹ̀ ló ń wọlé, bóyá ẹni tó ń wò ó kò tilẹ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú fóònù tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe wúwo sí? Kò sí iye kan tó bá gbogbo fídíò mu. Ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì ló ń jẹ dátà jù, nítorí náà fíìmù tí ijó, eré sísá àti ìjà pọ̀ nínú rẹ̀ ń wúwo ju èyí tí èèyàn méjì jókòó sórí àga tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi èyí ṣe òdiwọ̀n fún wákàtí kan: 144p máa ń gba nǹkan bíi 60 sí 100 MB; 360p máa ń gba 200 sí 300 MB; 480p máa ń gba 350 sí 500 MB; 720p lè gba láti 600 MB dé 1 GB; 1080p sì lè gba 1.2 GB dé 2 GB. Ẹ̀gbọ́n wo fíìmù rẹ̀ ní 360p. Ti àbúrò wà lórí Auto, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àdúgbò sì dáa, ló bá ń wò ó ní 720p.

Ibi tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn

Ẹ ṣí YouTube, kí ẹ tẹ àwòrán yín tàbí `You` ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ àmì jíà tó wà fún `Settings`. Ẹ wá `Video quality preferences`. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀: `Video quality on mobile networks`, ìyẹn fún ìgbà tí ẹ bá ń lo dátà orí káàdì, àti `Video quality on Wi-Fi`. Ẹ ṣí ti àkọ́kọ́, kí ẹ yan `Data saver`. Láti ìgbà náà lọ, fídíò tó mọ níwọ̀n ni áàpù á máa bèèrè fún nígbàkígbà tí ẹ bá wà lórí dátà.

Ọ̀nà kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀, òun náà ló sì ń tàn wọ́n jẹ. Bí fídíò bá ń lọ lọ́wọ́, ẹ lè tẹ àmì jíà tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ tẹ `Quality`, lẹ́yìn náà `Advanced`, kí ẹ sì mú 360p tàbí 240p. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ fídíò tó ń lọ lọ́wọ́ yẹn nìkan ló wà fún. Nígbà tí apá kejì fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, áàpù á padà sí ohun tó wà nínú `Settings`. Ẹni tó mú 240p lálẹ́ àná, tó wá ń ṣe kàyéfì pé dátà òun ṣì ń sáré lónìí, ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ẹ fi ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ máa fi èkejì ṣe àtúnṣe bó bá yẹ.

Ìgbà wo ló yẹ? Fíìmù Yorùbá fúnra rẹ̀ lè fi hàn yín. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ní ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, tí ó sì jẹ́ ara àwòrán náà. Ní 144p, lẹ́tà ìtumọ̀ náà á ṣú pọ̀, kò ní ṣeé kà. Ní 240p, ojú tó dáa lè fi tipátipá kà á. Ní 360p, ó ti ṣeé kà lórí fóònù. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, tó sì gbára lé ìtumọ̀ yẹn, kò lè wo fíìmù ní 144p. Ìyá rẹ̀ tó gbọ́ gbogbo òwe tí Bàbá Àgbà ń pa nínú fíìmù lè wò ó ní 240p láìpàdánù ohun púpọ̀. Bó bá jẹ́ wáàsí, ewì tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni, 144p tó, nítorí pé ohùn ò ní dàrú bí àwòrán ṣe ń dàrú. Ẹ máa yàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ojú yín nílò.

Lójú ewé `Settings` kan náà, ẹ ó tún rí `Data saving`. Àwọn bọ́tìnì kékeré ló wà nínú rẹ̀, méjì sì wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. `Download over Wi-Fi only` kò ní jẹ́ kí áàpù fi dátà orí káàdì gba fídíò sílẹ̀. Èkejì ni èyí tó ń dá fídíò inú ojú ewé àkọ́kọ́ dúró, tí kò fi ní máa ṣeré fúnra rẹ̀ láìsí ohùn bí ẹ ṣe ń fi ìka wọ́ ojú ewé lọ. Ẹni tó ń wá fíìmù tó máa wò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lè wo ìlàjì-ìlàjì fídíò mẹ́wàá kó tó rí èyí tó fẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ti san dátà fún.

Gbígba fídíò sílẹ̀: ìgbà tó ń dín owó kù àti ìgbà tí kì í dín in kù

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ nípa dáńlóòdù. Àwọn kan rò pé bí wọ́n bá gba fíìmù sílẹ̀, dátà tó máa jẹ á kéré sí ti kí wọ́n wò ó lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, dátà tí wọ́n ń jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Fíìmù 360p tó gba 420 MB nígbà tí ẹ wò ó tààrà máa gba nǹkan bíi 420 MB nígbà tí ẹ bá gbà á sílẹ̀. Bí ẹ kò bá sì parí rẹ̀, gbígbà á sílẹ̀ tilẹ̀ wọ́n jù, torí ẹ ti sanwó apá tí ẹ kò ní wò.

Ibi mẹ́ta ni èrè rẹ̀ wà. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ lè yan ibi àti àkókò tí ẹ ó ti gbà á: níbi iṣẹ́ tí Wáìfáì wà, tàbí lóru, pẹ̀lú dátà òru tí àwọn iléeṣẹ́ ń tà ní ẹ̀dínwó. Èkejì ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà mọ́. 360p tí ẹ mú ni 360p tí ẹ ó rí, Auto kò lè gbé e gòkè. Ẹ̀kẹta ló tóbi jù: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sanwó, kódà bí ẹ bá wò ó nígbà ogún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìkẹta yìí. Ìyá kan tó ń wé gèlè fún ìyàwó ní ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rí fídíò kan lórí bí wọ́n ṣe ń wé gèlè aṣọ òkè kó jọ abẹ̀bẹ̀, ìṣẹ́jú 12 ni. Ní 360p, ká fi 250 MB ṣe ti wákàtí kan, ìṣẹ́jú 12 yẹn máa jẹ 50 MB. Kò sí ìkọ́ṣẹ́ tó ń wé gèlè lẹ́ẹ̀kan kó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò ó nígbà márùn-ún. Ogún ìgbà nìyẹn lórí fóònù ìyá. Bí wọ́n bá ń wò ó tààrà, 50 MB nígbà ogún jẹ́ 1,000 MB, odindi 1 GB. Bí ìyá bá ti gbà á sílẹ̀, 50 MB ni gbogbo ìnáwó, ìyókù lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Fíìmù tí ẹ ó wò lẹ́ẹ̀kan péré kò fi bẹ́ẹ̀ nílò dáńlóòdù, àyàfi bí ẹ bá rí Wáìfáì ọ̀fẹ́. Ohun tí ẹ ó máa padà sí léraléra, bí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, oúnjẹ sísè tàbí orin àárọ̀, ló yẹ kí ẹ gbà sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Abẹ́ fídíò ni `Download` wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, áàpù á bèèrè ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, ẹ mú èyí tó bá yín lára mu. Ojú ewé `You` ni ẹ ó ti rí `Downloads`, níbi tí ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ wà. Kò sí gbogbo fídíò lórí rẹ̀: ẹlòmíràn tí ẹ bá tẹ̀, áàpù á ní àfi kí ẹ san owó oṣooṣù Premium. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fóònù yín ló bàjẹ́.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu lẹ́yìn náà ni pé fíìmù tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò sí nínú gálárì. Kò lè sí níbẹ̀. Inú áàpù YouTube ni wọ́n tì í mọ́, kò ṣeé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bí ẹ bá sì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ó ti lọ nìyẹn. Ó tún ní ọjọ́ tó máa lò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹ lè máa wò ó láìsí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fún ọjọ́ 29; níbòmíràn, wákàtí 48 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, áàpù máa fẹ́ kí ẹ tan dátà fún ìgbà díẹ̀ kó lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fídíò náà ṣì wà lórí ìkànnì. Iṣẹ́ kékeré ni, kì í gba fíìmù náà lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba fíìmù mẹ́rin sílẹ̀ ní ọjọ́ Ajé nítorí ìrìn àjò ọjọ́ Ẹtì, tí kò tan dátà láàárín, lè dé inú mọ́tò kó rí i pé wọn kò ṣí. Ẹ tan dátà, kí ẹ ṣí `Downloads`, kí ẹ sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó kúrò nílé.

Àwọn kan máa ń sá fún gbogbo èyí nípa lílo áàpù àjèjì tó ń fa fídíò jáde sínú gálárì. Òfin YouTube kò gbà á, àwọn áàpù bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní Play Store, nítorí náà ẹni tó bá gbà wọ́n láti ibi tí kò mọ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí kò rí, fóònù kan náà tí áàpù báǹkì rẹ̀ wà.

Netflix náà ní tirẹ̀, ó sì ti ń gba dáńlóòdù láti oṣù Bélú ọdún 2016. Nínú `App Settings` rẹ̀, `Save Data` máa jẹ́ kí ẹ wo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú 1 GB. Ẹ fi ìwọ̀n dáńlóòdù sí `Standard`. Kí ẹ sì rántí pé fíìmù mìíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, wákàtí 48 péré ló kù fún un.

Data Saver orí fóònù kì í ṣe ohun tí ẹ rò

Fóònù Android ti ní bọ́tìnì kan tó ń jẹ́ Data Saver láti ọdún 2016. Ẹ máa rí i nínú `Settings`, lábẹ́ `Network & internet` tàbí `Connections`. Ọ̀pọ̀ èèyàn tàn án, wọ́n wá gbà pé ọ̀rọ̀ fídíò ti parí.

Iṣẹ́ tí bọ́tìnì yìí ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí áàpù tí ẹ kò ṣí máa lo dátà lẹ́yìn yín. Áàpù tí ẹ ṣí sílẹ̀, tí ẹ sì ń wò lójú, kì í dí i lọ́wọ́. Bí ẹ bá tan Data Saver fóònù, tí YouTube sì wà lórí Auto, fíìmù yín ṣì máa wọlé ní 720p tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́tìnì fóònù ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ti inú YouTube ń ṣọ́ iwájú. Ẹ nílò méjèèjì. Ní ti iPhone, Low Data Mode tó dé pẹ̀lú iOS 13 lọ́dún 2019 lè mú kí àwọn áàpù kan dín ìwọ̀n fídíò wọn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, nítorí náà ẹ ṣì máa ṣètò ti inú YouTube.

Ọ̀fìn máìfáì

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí dátà yín ṣì ń sáré tán, ẹ wo bóyá máìfáì lẹ ń lò nílé. Káàdì wà nínú máìfáì, dátà tí ẹ fowó rà ló sì wà lórí káàdì náà. Ṣùgbọ́n fóònù tó so mọ́ ọn kò mọ èyí. Wáìfáì ló rí, ó sì gbà pé Wáìfáì kì í náni lówó. Gbogbo ètò tí ẹ ti ṣe fún `mobile networks` á wá di aláìwúlò lójú ẹsẹ̀. Fídíò á padà sí Auto. `Download over Wi-Fi only` á gbà kí dáńlóòdù bẹ̀rẹ̀. Play Store á rí àyè láti ṣe àtúnṣe gbogbo áàpù tó ti ń dúró, Google Photos náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán ìgbéyàwó ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ránṣẹ́. Bí èèyàn márùn-ún bá so fóònù mọ́ máìfáì kan, ìnáwó márùn-ún ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ lè sọ òtítọ́ fún fóònù. Nínú `Settings` Android, ẹ ṣí Wáìfáì, kí ẹ tẹ àmì jíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ máìfáì náà, kí ẹ wá `Network usage` tàbí `Metered network`, kí ẹ sì yan `Treat as metered`. Orúkọ náà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ `metered` ni kí ẹ máa wá. Ohun tí ẹ sọ fún fóònù ni pé Wáìfáì yìí ń náni lówó bíi ti káàdì. Lórí iPhone, ẹ tẹ `i` tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Wáìfáì, kí ẹ tan `Low Data Mode`. Fóònù kọ̀ọ̀kan tó ń lo máìfáì ló ní láti ṣe é, torí ètò orí fóònù kan kì í ran èkejì.

Ẹ má fi mọ síbẹ̀. Áàpù mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ Wáìfáì nìkan ló ń wò, kì í ka ohun tí ẹ sọ fún fóònù sí. Ẹ padà sínú `Video quality preferences` YouTube, kí ẹ fi `Video quality on Wi-Fi` náà sí `Data saver`. Ilé tó jẹ́ pé máìfáì nìkan ni Wáìfáì tó wà níbẹ̀ kò nílò Auto.

Àwọn tó ń ṣeré láìjẹ́ pé a pè wọ́n

Kì í ṣe YouTube nìkan ló ń gbé fídíò. Lórí Facebook, ẹ wá `Autoplay` lábẹ́ `Media` nínú `Settings`, kí ẹ yan `Never autoplay videos`. TikTok ní `Data Saver` tirẹ̀ nínú `Settings and privacy`. Ní WhatsApp, ẹ lọ sí `Storage and data`, kí ẹ ṣí `When using mobile data`, kí ẹ sì yọ àmì kúrò lórí `Videos`. Ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé, ẹgbẹ́ àdúgbò àti ẹgbẹ́ ìjọ lórí WhatsApp lè máa gba ogún fídíò lóòjọ́ láìṣí ọ̀kan. Bí ẹ bá ti yọ àmì yẹn, fídíò á máa dé pẹ̀lú iye MB rẹ̀ lára rẹ̀, kò sì ní wọlé àfi bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Èyí rántí mi áàpù kan tó ti lọ. YouTube Go ni wọ́n ń pè é. Google ṣe é fún àwọn ibi tí dátà ti wọ́n, ó sì dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2018. Kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀, á sọ iye MB tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan máa jẹ, á sì jẹ́ kí ẹ yàn. Google ti pa á ní oṣù Ògún ọdún 2022. Láti ìgbà náà, àwa fúnra wa la ní láti máa wọn ohun tí à ń jẹ.

Bí ẹ ṣe lè wọ̀n ọ́n

Ọ̀nà méjì ni kí ẹ lò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni `*323#`, nọ́ńbà kan náà tí gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà ń lò fún wíwo iye dátà tó kù. Ẹ pè é kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ iye tó kù sílẹ̀. Èkejì wà nínú fóònù: nínú `Settings`, lábẹ́ `Network & internet` tàbí `Connections`, ẹ wá `App data usage` tàbí `Mobile data usage`, kí ẹ sì wo iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ YouTube. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ wo fíìmù kan tán, ní ìwọ̀n tí ẹ mọ̀, kí ẹ tún yẹ méjèèjì wò.

Bí YouTube bá fi 400 MB kún un nígbà tí `*323#` yọ 420 MB, ọ̀rọ̀ yé wa: fíìmù ló jẹ ẹ́, ìyókù kékeré jẹ́ ti àwọn áàpù mìíràn. Bí YouTube bá fi 1.4 GB kún un, tí ẹ sì ti rò pé ẹ wà lórí 360p, ètò yín kò tíì dúró. Ẹ padà sí `Settings` kí ẹ wò ó. Bí iye tí `*323#` yọ bá pọ̀ ju ti YouTube lọ fíìfíì, ẹ wo àwọn orúkọ yòókù lójú ewé kan náà. Áàpù kan á wà níbẹ̀ tí ẹ kò ṣí rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti jẹ tó. Tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí `Background`, ìyẹn ohun tó lò lẹ́yìn yín. Ẹni tí Data Saver fóònù wà fún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo áàpù bá para pọ̀ tí wọn kò tó ìdajì ohun tí wọ́n yọ lórí káàdì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti sẹ́tìn fóònù. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù méjèèjì pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ẹ pe iléeṣẹ́ tó ta dátà lórí 300, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn tó tẹ́ yín lọ́rùn, 622 ni nọ́ńbà tí àjọ NCC fi ń gba ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè náà. Ẹni tó bá pè wọ́n pé "dátà mi ń tán" àti ẹni tó pè wọ́n pé "fóònù mi lo 400 MB láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin yọ 1.2 GB" kì í gba èsì kan náà.